Orí Kẹfà: Ẹni Tó Wá Dúpẹ́ Kì í Gbé Igbá Dání

Bí wọ́n bá ṣe ẹnìkan lóore láàárín wa, ọpẹ́ tó dá lójú ẹsẹ̀ kò tíì tó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò tún yọjú sí ilé ẹni tó ṣe é lóore, yóò ní, "Ẹ ṣé ti àná, mà." Yóò kí wọn tilétilé, yóò sì padà síbi tó ti wá. Bó bá wá jẹ́ pé bó ṣe ń kúnlẹ̀ lọ́wọ́ náà ló ń sọ pé òun tún fẹ́ yá ₦5,000, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló máa mọ̀ pé kì í ṣe ọpẹ́ ló gbé e wá. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fúnni ni òwe yẹn sọ ti ọkàn rẹ̀. Ọmọ tó wá dúpẹ́ kì í nawọ́.

Ìwé tí ṣọ́ọ̀bù kékeré ń kọ sí àwọn oníbàárà lọ́jọ́ tó bá pé ọdún kan, márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ọpẹ́ àná ni. Nínú orí yìí, a ó fi ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìbà ṣe àpẹẹrẹ, a ó kọ ìwé náà pa pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì wo bí a ṣe ń fi í ránṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù tí a fẹ́ lò

Ìyànà Ìbà ni títì tó lọ sí LASU, Ìbà àti Ìgàndó ti ya kúrò lára títì Èkó sí Badagry. Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan, tí a ó máa pè ní Ìyá Ìbejì, ní ṣọ́ọ̀bù sí òpópó kan tó wà lẹ́yìn ìyànà náà. Mílíìkì, ṣúgà, búrẹ́dì, núdù, ọṣẹ àti ìpara ló ń tà. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án 2015 ló ṣílẹ̀kùn, torí náà ó pé ọdún mẹ́wàá ní 2025. Ọdún mẹ́wàá lójú kan náà kì í ṣe nǹkan kékeré ládùúgbò yẹn, nítorí iṣẹ́ fífẹ̀ títì Badagry ti ṣí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ nípò.

Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ló ń bá a ná jù. Àwọn ayálégbé àdúgbò ni àkọ́kọ́: Àwórì, Ègùn, Ìgbò àti Yorùbá láti ìlú mìíràn. Àwọn awakọ̀ danfó àti oní kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀ lé wọn. Ìkẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ti wà láti 1983. Àwọn wọ̀nyí máa ń rajà fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á parí ẹ̀kọ́, wọ́n á kó lọ. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn, nítorí àwọn la ó fi dán ìwé wa wò.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó kọ̀wé

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tilẹ̀kùn, ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ àwìn sí, kí ẹ jókòó tì í pẹ̀lú ẹni tó ń bá yín tajà. Ìwé àwìn máa ń rántí ohun tí àwa fúnra wa ti gbàgbé. Nǹkan mẹ́ta lẹ ń wá: ọjọ́ tí ẹ ṣílẹ̀kùn, ohun kan tí àwọn oníbàárà ṣe fún yín, àti ibì kan tí ẹ ti kùnà wọn.

Ohun tí wọ́n ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lè tọ́ka sí. Wọ́n á kọ ọ́ pé, "Ẹ ti dúró tì wá." Báwo ni wọ́n ṣe dúró tì yín? Lọ́jọ́ wo? Bí Ìyá Ìbejì ṣe ń ṣí ìwé tirẹ̀, ó dé ojú ewé oṣù kejì 2023. Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí wọ́n kó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ padà, tuntun kò sì tó. Àwọn ènìyàn ń tò sídìí ẹ̀rọ ìgbowó láti òru, tiransifá sì lè ṣe ọjọ́ méjì kó tó wọlé. Ojú ewé mẹ́ta gbáko ni orúkọ kún: búrẹ́dì kan, mílíìkì méjì, ṣúgà ₦350. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti fi gègé fa ìlà sí lórí. Wọ́n padà wá san án, òun kò sì pe ẹnikẹ́ni.

Ohun tí à ń wá nìyẹn. Ẹyọ kan tó ṣe kedere báyìí ju mẹ́wàá tó ṣú lọ. Ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti rí i bí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Òkòkòmáíkò kò bá lè fi orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ ìwé yín láìyí ohunkóhun padà.

Àṣìṣe ni ìkẹta. Ẹyọ kan péré, èyí tí àwọn oníbàárà fúnra wọn mọ̀. Ti Ìyá Ìbejì kò ṣòroó rí: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ṣéńjì kì í sí, tí yóò fi súìtì méjì lé e lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó gba ₦50. Àwọn ènìyàn gbà á, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn sí i. Ọpẹ́ tó mọ àṣìṣe ara rẹ̀ máa ń tètè wọ oníbàárà lára, nítorí ẹni tó fẹ́ tà wá lọ́jà kì í sábà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi.

Ìwé àkọ́kọ́, àti ohun tó bà á jẹ́

Báyìí ni Ìyá Ìbejì ṣe kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́:

"Ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà, ṣọ́ọ̀bù wa pé ọdún mẹ́wàá lónìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí láìsí ẹ̀yin kò sí àwa. Ẹ mọ̀ pé ọjà ti wọ́n, kò rọrùn fún wa rárá, ṣùgbọ́n à ń gbìyànjú nítorí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé wa, ẹ máa bá wa rà á lọ, kí ẹ sì sọ fún ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Ẹni tó bá ra ọjà ₦5,000 lónìí yóò gba ẹ̀bùn. Ọlọ́run á máa darí ẹsẹ̀ yín sọ́dọ̀ wa."

Kò sí èébú nínú rẹ̀, irú rẹ̀ la sì ń rí kiri. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ ronú kan akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ra búrẹ́dì àti núdù lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì fún ọdún mẹ́rin, tó parí ní LASU, tó sì ti padà sí Ìbàdàn. Kò ní ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ ka ìwé náà fún un ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tó bá ṣì ní ìtumọ̀ létí rẹ̀, ọpẹ́ ni. Èyí tí kò bá wúlò fún un, igbá tí a gbé dání ni.

"Ẹ máa bá wa rà á lọ" kò wúlò fún un, ẹ yọ ọ́. "Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀" ń fún ẹni tí a wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣẹ́ ṣe, ẹ yọ òun náà.

Ẹ̀bùn ₦5,000 yẹn léwu ju bí ó ti rí lójú lọ. Ìyá kan wà tó ń ra mílíìkì ₦300 láràárọ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Lọ́dún kan, owó rẹ̀ jẹ́ ₦93,600. Síbẹ̀, kò tíì ra ọjà ₦5,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ìwé yìí ń sọ fún un lójúkojú pé kì í ṣe òun là ń bá ṣàjọyọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ṣọ́ọ̀bù dín owó ọjà kù tàbí kó fi ẹ̀bùn fa èrò mọ́ra. Kí ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀, kó má ṣe wọ aṣọ ọpẹ́.

"Ọjà ti wọ́n, kò rọrùn fún wa" kò tọrọ nǹkan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹrù lé oníbàárà lórí. Òun náà ń ra nǹkan nínú ọjà kan náà. Bó bá kà á tán, àánú ni yóò ṣe é, tàbí kó máa rò pé wọ́n ti fẹ́ fowó lé ọjà. Ẹ yọ ọ́.

Àdúrà ìparí ni ọ̀pọ̀ kì í fura sí. "Ọlọ́run á máa darí ẹsẹ̀ yín sọ́dọ̀ wa" jọ àdúrà fún oníbàárà, ṣùgbọ́n ara ẹni la gbà á fún. Àdúrà ìwé ọpẹ́ gbọ́dọ̀ dá lórí ilé wọn, iṣẹ́ wọn àti àwọn ọmọ wọn. Bí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ bá ń rajà lọ́wọ́ yín, àdúrà tí gbogbo wọn lè ṣe àmín sí ni kí ẹ gbà.

Ní ti "láìsí ẹ̀yin kò sí àwa", akẹ́kọ̀ọ́ wa lè gbọ́ ọ láìfajúro, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún un. Ọ̀rọ̀ owó 2023 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìwé kejì

Nígbà tí a yọ gbogbo ìyẹn, ọjọ́ orí ṣọ́ọ̀bù àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ nìkan ló kù. A wá kó ohun tí a rí nínú ìwé àwìn sí i:

"Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án 2015 la ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó pé ọdún mẹ́wàá lónìí.

Ní oṣù kejì 2023, nígbà tí kò sí owó pépà, tí tiransifá kò sì tètè wọlé, ọ̀pọ̀ nínú yín gbé ọjà lọ láìsanwó. A kọ orúkọ sínú ìwé. Gbogbo yín lẹ padà wá san án, a kò sì rán ẹnikẹ́ni létí. A kò gbàgbé.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ṣéńjì kò sí, tí a fi súìtì dí i fún yín. Ẹ forí jì wá.

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á bá yín ṣọ́ ilé, á bá yín ṣọ́ ọ̀nà. Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì àti àwọn tó ń bá a tajà."

Ẹ tún kà á fún akẹ́kọ̀ọ́ ará Ìbàdàn. Bóyá òun náà wà lára àwọn tó gbé búrẹ́dì lọ lọ́dún yẹn. Kò sí gbólóhùn kan tó kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Èkíní, "gbogbo yín" gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí ẹni méjì bá ṣì jẹ gbèsè láti ìgbà náà, ẹ kọ "ọ̀pọ̀ nínú yín". Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn méjì yẹn á kà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí a fi ń gún wọn lára, a ó sì ti sọ ọpẹ́ di ìwé ìsìngbèsè. Nítorí èyí kan náà, ẹ má ṣe lọ sin gbèsè ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fi ìwé yìí síta. Èkejì, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà kò ní fẹ́ kí ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á lára ògiri, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà dùn tó.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ ò tíì kógbá wọlé, "A ṣì wà níbí" kò burú. Ìròyìn ni, kò bẹ ẹnikẹ́ni. "A ṣì ń retí yín" ló ti nawọ́.

Bí ìwé náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn

Ògiri ni ó dára jù fún ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí pépà kan ṣoṣo, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó, ní ọ̀gangan ojú wọn. Bí ẹ bá gbé e kọ́ síta lójú títì, pátákó ìpolówó ni àwọn tó ń kọjá máa pè é. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí àwọ̀ rẹ̀ tó ṣá. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wà ní Ègùn tàbí Ìgbò pẹ̀lú, ẹ bẹ oníbàárà kan tó gbọ́ èdè náà kó kọ ọ́, kí ẹlòmíràn sì kà á sókè kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Wọ́sáàpù ló ń mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti kó lọ. Ẹ má ṣe kó wọn sínú gúrúùpù, nítorí gbogbo wọn á máa rí nọ́ńbà ara wọn. Ẹ lo `New broadcast`: ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbà á bí ẹni pé òun nìkan lẹ kọ ọ́ sí. Ibi tó kù sí ni pé ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ni yóò rí i gbà. Bí ẹ bá gbé e sórí `Status`, wákàtí mẹ́rìnlélógún ló máa lò. Lọ́jọ́ náà, ẹ má gbé iye owó ìrẹsì tàbí àwòrán ọjà síbẹ̀, nítorí ńṣe ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó bá ń wò ó yóò rí ọpẹ́, kó tó mí, iye owó ìrẹsì ti dé.

Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kékeré ní ìṣòro tirẹ̀. Lẹ́tà 160 ló ń gbà lójú ìwé kan, pẹ̀lú àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ojú ìwé náà á sún kì, á di 70, àmì tó wà lórí ẹ́ tàbí ọ́ sì tún ń ka ara rẹ̀ sí lẹ́tà kan lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ ọ́ láìsí àmì. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: "A o gbagbe" tí kò ní àmì lè jẹ́ "a ò gbàgbé", ó sì lè jẹ́ "a ó gbàgbé". Bẹ́ẹ̀ náà ni "owo won" lè jẹ́ owó tó wọ́n tàbí owó tiwọn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì:

```
Soobu wa pe odun mewaa loni. Ni 2023 ti ko si owo pepa, e gbe oja lo, e si pada wa san. A ko gbagbe. E se gan-an. Iya Ibeji
```

Lẹ́tà 123 ni, ojú ìwé kan gbà á. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹni tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó kà á sókè.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ rántí pé nítorí ọjà tí wọ́n fẹ́ kí ẹ bá wọn tọ́jú tàbí tiransifá tí wọ́n ṣe ni ẹ fi ní nọ́ńbà wọn. Òfin ààbò ìwífún tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 fún ẹnikẹ́ni láǹfààní láti kọ̀ kí wọ́n máa fi nọ́ńbà òun polówó ọjà. Gbólóhùn kan tó ní "ẹ wá rà" ti tó láti sọ ọpẹ́ di ìpolówó.

Ọjọ́ náà gan-an

Àwọn baba wa ti fún ọlọ́jà ní ọ̀nà láti fi ọwọ́ dúpẹ́: èènì ni. Lẹ́yìn tí alágbàdo bá ti wọn àgbàdo tán, á bu díẹ̀ lé e láìsọ̀rọ̀. Èènì ọjọ́ ọdún yín kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kò sì gbọ́dọ̀ ní iye owó tí ẹnikẹ́ni máa ná kó tó gbà á. Ìyá Ìbejì lè fi àpò píọ̀ wọ́tà mẹ́ta sínú fíríìjì láti alẹ́. Ogún ló wà nínú àpò kan, ọgọ́ta ènìyàn nìyẹn. Kí ó fún ẹni tó bá wọlé, títí kan ẹni tó wá ṣẹ́ owó àti ẹni tó wá béèrè ọ̀nà LASU. Kí àwọn ọmọ tó ń bá a tajà gbé omi náà fún wọn kí wọ́n tó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rà.

Àwọn oníbàárà á fèsì. Wọ́n á ní, "Ẹ kú oríire, ọdún á yabo." Ẹ ní, "Àṣẹ, ẹ ṣé," kí ẹ dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu máa ń yọ, tí a ó fi kún un pé, "Ẹ má jẹ́ ká máa wá yín tì o."

Nítorí náà, kí ẹ tó fi àtè kan ìwé yín, ẹ pe ẹnìkan tí kò ní ra nǹkan lọ́wọ́ yín mọ́, kí ẹ kà á sí i létí lórí fóònù. Bó bá dáhùn pé, "Ẹ kú oríire, mà," ẹ lẹ̀ ẹ́ mógiri. Bó bá dáhùn pé, "Ẹ má bínú, màá gbìyànjú láti yà," ẹ padà sídìí ìwé, ẹ wá gbólóhùn tó gbé igbá dání, kí ẹ yọ ọ́.